Lẹ́tà Kan Ṣoṣo: Ọ̀rọ̀ lórí Kíkọ̀ láti Yí Èsì Ìdánwò àti Ìwé Ẹ̀rí Padà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Bí ẹnì kan bá gbé èsì ìdánwò tàbí ìwé ẹ̀rí wá, tó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe kí ó má rí bí ó ṣe rí nígbà tó kúrò lọ́wọ́ àwọn tó fúnni, kí ni ẹni tí wọ́n bẹ̀ yóò ṣe, kí ni yóò sì sọ?

Ní Laranto, lẹ́bàá ọjà pákó tí gbogbo Jọ́ọ̀sì mọ̀ sí Kátákó, ilé kọ̀ǹpútà kò wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe fọtokọ́pì, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ètò ìsìnkú, níbẹ̀ náà sì ni ọmọ ilé ìwé ti ń yọ èsì rẹ̀ jáde. Nígbà tí èsì WAEC bá dé, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kẹjọ, ẹ̀bẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí máa ń bá àwọn ènìyàn wọlé. Kì í wọlé bí olè. Omijé ìyá ni ó sábà máa ń bá wọlé, tàbí ohùn ẹ̀gbọ́n tó ti ń san owó ilé ìwé láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ìdí nìyí tí kíkọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà fi ṣòro ju bí àwọn tí kò jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà rí ṣe rò lọ.

Ó dára kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpẹẹrẹ lásán ni, tí kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní ọjà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama. Èsì jáde: ó gba C5 nínú Gẹ̀ẹ́sì, C4 nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, C6 nínú kẹ́místírì, C6 nínú bàọ́lọ́jì. Nínú ìṣirò, D7 ni ó gbà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, kírẹ́díìtì márùn-ún sì ni wọ́n ń béèrè, ìṣirò sì wà lára wọn. Láti A1 dé C6 ni WAEC ń pè ní kírẹ́díìtì tàbí ohun tó jù ú lọ; D7 àti E8 jẹ́ àṣeyege lásán, F9 sì jẹ́ ìjákulẹ̀. Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan ni ó wà láàárín ọmọ yìí àti ohun tó fẹ́.

Ìyá náà mú ìwé èsì lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ilé kọ̀ǹpútà. Ó ní: “Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí kò ní pẹ́ kó tó ṣe é. D yìí ni kí o bá mi fi C rọ́pò, kí o sì sọ 7 di 6. Mi ò ní kí o fi A sí i. Kírẹ́díìtì lásán ni mo wá.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde dúró kí ó tó dá a lóhùn. “Ẹ má bínú, Màmá. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, kò sì dùn mọ́ mi nínú pé ọmọ wa kò rí i mú. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan lẹ́tà yẹn. Mo lè bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ṣe rí, mo lè bá yín ṣe fọtokọ́pì rẹ̀, mo sì lè fi ọ̀rá bò ó kí ó má bàa bàjẹ́. Èyí tí ẹ ní kí n ṣe yìí, n kò ní ṣe é.”

“Ta ni yóò mọ̀?” ni ìyá náà bi í.

Ìbéèrè ìyá yìí yẹ ní ìdáhùn tó kún, nítorí pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tan ara wọn. Wọ́n rò pé ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn ni èsì náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwòrán èsì ni ìwé náà jẹ́. Èsì fúnra rẹ̀ wà ní ibi tí ẹ̀rọ inú ọjà kò lè dé: ó wà nínú àkọsílẹ̀ àjọ tó ṣe ìdánwò, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀ gbogboogbò tí àjọ náà fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé tí ọmọ náà ti ṣe é. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánwò oní-mẹ́wàá. Méje àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ilé ìwé tó ti ṣe ìdánwò, mẹ́ta tó kẹ́yìn sì ń tọ́ka sí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní nọ́ńbà yìí, tó mọ ọdún ìdánwò, tó sì ra káàdì tí wọ́n fi ń wo èsì, lè ṣí èsì gidi wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Akọ̀wé ìgbaniwọlé kò sì ní láti fi ojú wá ibi tí yíǹkì ti yàtọ̀. Kò tilẹ̀ ní láti mú ìwé tí ọmọ gbé wá dání rárá.

Láyé àtijọ́, ìwé lásán ni ó ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn kan sì mú un jẹ. Ọ̀nà náà ti dí púpọ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ fi èsì girama rẹ̀ sórí ìkànnì JAMB, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láti 2017 ni àjọ náà ti ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní CAPS, níbi tí yunifásítì àti àjọ ti jọ ń wo àkọsílẹ̀ kan náà kí wọ́n tó fún ọmọ ní àyè. Bí ọmọ bá sì wọlé, yunifásítì á tún pè é fún àyẹ̀wò ìwé ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á sì bá WAEC tàbí NECO fìdí èsì rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó fi C6 èké wọlé á máa kàwé lọ, á máa san owó ilé gbígbé, á máa ra ìwé, nígbà tí ìdáhùn WAEC ń bọ̀ lọ́nà. Bí ó bá dé ní ọdún kẹta, ọdún mẹ́ta ni ó sọnù. Kò sí yunifásítì tó ń dá owó ọdún mẹ́ta padà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn sí “Ta ni yóò mọ̀?” ni pé àwọn tó ṣe ìdánwò ti mọ̀ kí ìwé náà tó jáde.

Ohun tó kù fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà láti sọ fún ìyá yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó wúlò jù. D7 nínú ìṣirò kì í ṣe òpin. WAEC máa ń ṣe ìdánwò fún àwọn tí kò sí ní ilé ìwé mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, NECO náà sì ní tirẹ̀ ní ìparí ọdún. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó gbà kí ọmọ pa èsì ìdánwò méjì pọ̀, bí ó bá jẹ́ pé kírẹ́díìtì márùn-ún pé nínú méjèèjì. Ọmọ yìí ní mẹ́rin lọ́wọ́. Ìṣirò nìkan ni ó kù fún un láti gbá mú. Kí ìyá náà tó san owó ìdánwò, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tí wọ́n ń wò bóyá wọ́n ń gba ìdánwò méjì fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kò gbà á fún àwọn ẹ̀kọ́ ìlera. Bí wọn kò bá gbà á, wọ́n lè wo ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, tàbí kí ọmọ náà tún gbogbo ẹ̀kọ́ márààrún ṣe ní ìjókòó kan. Ọdún kan ni èyí yóò gbà. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ mọ ohun tí ọdún kan jẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Anambra ní 2023, èyí tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ṣe ìdánwò JAMB ní ọdún náà. Nínú 400 tí í ṣe àpapọ̀ máàkì, ó gba 249. Kò sí ohun tó burú nínú èsì náà. Nígbà tí JAMB àti àwọn yunifásítì pàdé ní oṣù Kẹfà ọdún náà, 140 ni wọ́n fi ṣe máàkì tó kéré jù tí yunifásítì lè gbà. Ọmọ tó gba 249 ti fi máàkì tó ju ọgọ́rùn-ún lọ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìwé tó gbé jáde sọ pé 362 ni òun gbà: 98 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 89 nínú físíìsì, 94 nínú bàọ́lọ́jì, 81 nínú kẹ́místírì. Ìròyìn tàn pé òun ni ó ṣe ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ilé ìwé yọ̀, ìlú yọ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Innoson ní Nnewi ṣèlérí mílíọ̀nù mẹ́ta náírà fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àsìkò yìí ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí gbangba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, JAMB kéde pé 249 ni èsì ọmọ náà, pé ìwé tó ń gbé kiri kì í ṣe tiwọn.

Ohun tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ṣàkíyèsí ni bí wọ́n ṣe mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ro máàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 98 àti 89 àti 94 àti 81, yóò rí 362 geere. Ìṣirò inú ìwé náà pé. Ẹni tó ṣe é kò ṣe àṣìṣe tí ojú lásán lè tètè rí. Ohun mẹ́ta ni ó tú u fó. Àkọ́kọ́ ni pé bátánì ìwé náà jẹ́ irú èyí tí àjọ náà ti pa tì láti 2021. Ẹni tó yí i padà mú ìwé àtijọ́ kan gẹ́gẹ́ bí awo, ó sì da oúnjẹ tuntun sínú rẹ̀. Èkejì ni àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí fóònù máa ń kà. Nígbà tí wọ́n kà á, orúkọ ẹlòmíràn àti èsì ẹlòmíràn ni ó jáde. Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀, níbi tí 249 wà láìyẹsẹ̀, tí wọ́n sì rí i pé èsì tí ọmọ náà fi fóònù béèrè fún, tí àjọ fi ránṣẹ́ sí i, 249 kan náà ni. Ẹni tó gba máàkì tó ga jù ní ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí JAMB ṣe kéde lẹ́yìn náà, 360 ni ó gbà. Ìwé èké yìí ti kọjá ẹni tó ṣe ipò kìíní gan-an.

Fún ọjọ́ mélòó kan, orílẹ̀-èdè pín sí méjì. Àwọn kan gbà pé àjọ ni ó ṣàṣìṣe, àwọn kan gbèjà ọmọ náà nítorí ẹ̀yà rẹ̀, àwọn mìíràn sì fi ọ̀rọ̀ bú u ní ọ̀nà tí kò yẹ ọmọlúàbí. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Anambra gbé ìgbìmọ̀ dìde. Níwájú ìgbìmọ̀ yìí ni ọmọ náà ti jẹ́wọ́ pé òun fúnra òun ni òun fi fóònù yí èsì náà padà. Ìgbìmọ̀ ní kí ó tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì fún un ní ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ọkàn. JAMB gba èsì náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò náà fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ wo ohun tó sọnù. Kì í ṣe 362 ni ó sọnù, nítorí pé kò sí 362 rí. 249 ni ó sọnù, èyí tí í ṣe òógùn ojú ọmọ náà. Bí ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n bá ti rí ìwé náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìwé ìròyìn tó gbọ́, tó sì sọ fún un pé kí ó mú 249 rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba 249, ọ̀rọ̀ ìbá má dé ibi tó dé. Àgbàlagbà pọ̀ tó yọ̀ mọ́ ọn láìbéèrè pé kí ó ṣí èsì náà lójú wọn.

Bí a ṣe ń ṣí i lójú ẹni kò sì ṣòro. Ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB máa ń fi nọ́ńbà fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ gan-an kọ ọ̀rọ̀ kan báyìí, a sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019:

```
UTMERESULT
```

Èsì á padà wá sórí fóònù náà. Kò sí ẹni tó lè fi nọ́ńbà ẹlòmíràn gbà á. Èyí ni òbí tàbí ẹgbẹ́ fi lè mọ̀ kí wọ́n tó lu ìlù, kí wọ́n sì tó fi owó ẹ̀bùn kalẹ̀.

Máàkì nìkan kọ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yí padà. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí náà wà níbẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ni ó ń tan àwọn olóòótọ́ pàápàá. Ọmọ kan ń jẹ́ Àdùnní nílé, wọ́n kọ ọ́ ní Adunni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kọ ọ́ ní Aduni ní girama, orúkọ ìsàmì ni ó sì wà lórí NIN rẹ̀. Kò sí irọ́ kankan nínú ọ̀ràn yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ilé kọ̀ǹpútà bá òun fi “n” kan kún orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí, irọ́ ti wọ ọ̀ràn tí kò ní irọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ní òótọ́ lọ́wọ́, ó sì ń lọ fi ayédèrú ìwé bò ó mọ́lẹ̀.

Ìtàn Ìpínlẹ̀ Bayelsa ní 2020 fi hàn bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe lè wúwo tó. Ní oṣù Kọkànlá 2019, wọ́n kéde David Lyon gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jáwé olúborí nínú ìdìbò gómìnà. Wọ́n ti ṣètò ìbúra rẹ̀ sí ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2020. Ní ọjọ́ 13, ọ̀la rẹ̀ ku ọ̀la, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìdìbò náà, nítorí pé orúkọ igbákejì rẹ̀ kò bá ara wọn mu láti ìwé ẹ̀rí kan sí èkejì, tí àlàyé tó so wọ́n pọ̀ kò sì tẹ́ ilé ẹjọ́ lọ́rùn. Ẹlòmíràn ni wọ́n búra fún. Àwọn onídàájọ́ kò sọ pé ẹni náà kò lọ sí ilé ìwé. Ìwé tó gbé sílẹ̀ ni wọ́n wò, wọn kò sì rí ènìyàn kan ṣoṣo nínú wọn.

Ọ̀nà tó tọ́ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ ni pé kí ó fi ìwé àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí, kí ó wá fi ìwé tuntun ṣàlàyé rẹ̀. Yóò lọ búra ní kóòtù pé orúkọ méjèèjì jẹ́ ti òun. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ni ó yí padà gan-an, yóò kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, yóò sì tọ́jú ojú ewé náà. Bí àjọ tó fúnni ní ìwé bá ní ètò àtúnṣe, òun ni yóò kọ̀wé sí, kì í ṣe ilé kọ̀ǹpútà. Ti JAMB rọrùn jù: láti 2021 ni wọ́n ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí láti inú NIN, nítorí náà NIN ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ tún ṣe ní ọ́fíìsì NIMC, kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà yìí àti ti ayédèrú ni pé nínú ọ̀nà yìí, ìwé àkọ́kọ́ wà lódidi, ẹnikẹ́ni sì lè rí ibi tí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Jọ́ọ̀sì, ìwé kan tún wà tó yẹ kí a dárúkọ, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fúnni. Ọmọ tí wọ́n bí ní Laranto, tí kò sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó oṣù kan rí, ìwé ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò máa gbé kiri. Ẹ̀dùn ọkàn gidi ni, àwọn àgbà tó ti lo gbogbo ayé wọn ní Pílátò kò sì ṣàṣejù bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá pa orúkọ ìbílẹ̀ kan rẹ́ láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kò tíì yanjú ẹ̀dùn náà. Ìwé náà ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀, ìbílẹ̀ tó fúnni sì ní àkọsílẹ̀; lẹ́tà ìbéèrè kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni yóò tú u. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ gbé lọ síwájú ìjọba pẹ̀lú orúkọ ara wọn àti ọjọ́ tí àwọn bàbá wọn dé ìlú. Bí wọ́n bá ká ayédèrú ìwé mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, ohùn gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò rẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ní ti òfin, kò sí ìdí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ mọ ibi tó dúró sí. Òfin ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960 ka yíyí ìwé padà láti fi tan ènìyàn jẹ mọ́ ṣíṣe ayédèrú, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó lo ìwé náà bí ìwé gidi, nígbà tó mọ̀ pé ayédèrú ni, wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí màgòmágó ìdánwò, tí wọ́n ṣe ní 1999, dá ọ̀ràn ayédèrú èsì ìdánwò sọ́tọ̀, ó sì mú ẹni tó ṣèrànwọ́ pẹ̀lú. Èyí túmọ̀ sí pé ìyá tó bẹ̀bẹ̀, ọmọ tó gbé ìwé lọ, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni òfin lè jọ pè. Owó tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gbà lórí iṣẹ́ náà kò lè tó owó ọkọ̀ tí yóò fi máa lọ sí kóòtù.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wà lára àwọn tí ẹ̀bẹ̀ yìí ń dé ọ̀dọ̀ wọn, bí wọn kò tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n lè ní kí ó kọ lẹ́tà pé òun mọ ọmọ kan láti kékeré, kí ó sì fi ọjọ́ ìbí tó kéré sí i, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n kì í gba ẹni tó ti dàgbà jù sí. Ọ̀gá ilé ìwé náà ń rí tirẹ̀: wọ́n á ní kí ó tún ìwé ìjẹ́rìí ìwà kọ, kí ó yọ ọdún tí ọmọ lò lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì kan kúrò. Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ jù láti kọ̀ ni pé kí èsì náà yá, kí ó kúrú, kí ó sì wá pẹ̀lú ohun tí a lè ṣe. Ẹni tó bá sọ pé “Ẹ jẹ́ kí n rò ó wò ná” ti ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀bẹ̀ ọ̀la, ẹ̀bẹ̀ ọ̀la á sì mú àbúrò ìyá dání. Ẹni tó sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, n kò ní lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n mo lè bá yín kọ lẹ́tà sí WAEC lónìí yìí” ti ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì ti parí ọ̀rọ̀.

Bí ìwé ẹ̀rí bá sọnù, tàbí tó jóná, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Jọ́ọ̀sì nígbà àwọn rògbòdìyàn tó ti kọjá, ẹ̀bẹ̀ náà máa ń gba ọ̀nà mìíràn wọlé: kí a mú ìwé ẹ̀gbọ́n, kí a fi orúkọ àbúrò sí i, ó ṣáà ṣe ìdánwò náà. Ó ṣe é lóòótọ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà. WAEC ní ìwé ìfìdímúlẹ̀ èsì fún àwọn tí ìwé wọn sọnù, láti 2022 ni wọ́n sì ti ní ìkànnì tí ènìyàn ti lè rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gbà lórí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ìdánwò àti ọdún wà lára ohun tí wọ́n máa nílò. Bí ẹni náà kò bá rántí nọ́ńbà rẹ̀, ilé ìwé tó ti ṣe ìdánwò ni kí ó kọ́kọ́ lọ, nítorí pé nọ́ńbà gbogbo ọmọ ọdún náà wà nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Fún ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn ọmọ ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ọ̀nà kan wà tó dára ju gbígba fọtokọ́pì lọ. Kí wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ àti káàdì tí wọ́n fi ń wo èsì, kí ẹgbẹ́ sì san owó káàdì náà fún ẹni tí kò bá ní. Kí akọ̀wé àti akápò jọ ṣí èsì náà níṣojú ọmọ, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pẹ̀lú ọjọ́. Ọmọ tó gba D7 kò ní láti fi pamọ́, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ kí ó tó wọlé pé ẹgbẹ́ lè san owó ìdánwò ìṣirò mìíràn fún un.